"Haofa" Létí Àwọn Àgbà

Bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, kọjá ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kí ara wọn pé, "Haofa?" Èkejì a sì dáhùn pé, "Mo wà o." Láti inú èdè pijin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bí a bá tú u, ó dàbí ẹni pé a ń bèèrè bí ibì kan ti jìnnà tó, ṣùgbọ́n "Báwo ni?" lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sí "o" nínú "haofa", bẹ́ẹ̀ ni kò sí "ẹ". Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí yóò kí ènìyàn ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó dàgbà. Ojúgbà ni a ń wí fún pé, "O kú àárọ̀". Àgbà, ìbáà ṣe ẹnìkan ṣoṣo, "Ẹ kú àárọ̀" ni tirẹ̀. (Nínú Bíbélì wa, Ọlọ́run pàápàá ni a ń pè ní "Ìwọ", ṣùgbọ́n kí ọmọ kan dán an wò lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀!) Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kò mọ ọjọ́ orí ara wọn lè fi "haofa" kí ara wọn láìsí pé ẹnìkan rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi dùn mọ́ wọn.

Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò gbàgbé ipò. Ọmọ ọdún 17 kì í sọ ọ́ gbọlọjọ sí ẹni ọdún 25, "Ẹ̀gbọ́n, haofa?" ni yóò wí. Bí ó bá sì fẹ́ yẹ́ ẹ sí gidigidi, a gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, a ní, "Tùálé!" Lójú tirẹ̀ ìbà ni ó jú, létí bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gáréèjì ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọmọkùnrin kan tí ó yà sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, ní ọ̀sán. Ó ní, "Mà, haofa?" "Mà" yẹn ni ó fi bọ̀wọ̀, ó sì rò pé ó tó. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń retí "Ẹ kú ọ̀sán," ó ń retí "Ẹ kú ọjà," ó sì ń retí kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ tẹ orí ba díẹ̀. Dípò gbogbo èyí, ìbéèrè ni ó gbọ́, bí ẹni pé ọmọ ń gba ìṣírò lọ́wọ́ àgbà.

Kò ní pariwo. Yóò rọra wí pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, sà." Nígbà tí àgbà bá fi "ẹ" kí ọmọdé báyìí, ìbáwí ni. Ọmọ tí etí rẹ̀ mú yóò dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ má bínú mà, ẹ kú ọjà." Èyí tí kò gbọ́ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì bá tirẹ̀ lọ, kí ó tó dé ilé, a ti ń bèèrè ní ìsọ̀ kejì pé ta ni ó bí i.