Oorun Òru Àkọ́kọ́ àti Ìrántí Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1953, Aserinsky àti Kleitman jábọ̀ pé ẹyinjú ẹni tó ń sùn a máa yí kiri ní àwọn àsìkò kan, àti pé ẹni tí a bá jí nígbà náà sábà máa ń rọ́ àlá. Freud ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìfẹ́ ọkàn tó fara sin ni àlá ń gbé jáde. Ní ti Hobson àti McCarley (1977), ìtàn tí ọpọlọ hun láti inú àwọn àmì tó ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá ni àlá.

Oorun àsùnwọra ló pọ̀ jù ní ìdajì àkọ́kọ́ òru. Oorun alálàá ló gbòde bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fi òru náà kàwé mọ́jú pàdánù?

Ní ọdún 2000, Stickgold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn láti tètè dá àwòrán kan tó kàn yọ fìrí mọ̀. Wọn kò jẹ́ kí apá kan nínú wọn sùn ní òru ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n sùn dáadáa ní òru méjì tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò tẹ̀ síwájú rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó sùn ní òru àkọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Oorun àsangbèsè kò dípò èyí tó ti kọjá.

Ọgbọ́n ojú ni wọ́n dán wò níbẹ̀. A kò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé bákan náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ àkọ́sórí rí.