Ojú Ti Rí I, Orí Kò Tíì Rù Ú: Bí Eré Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Gbé Ayé Àtijọ́ Wá Síwájú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí òòrùn ti mú gbogbo ènìyàn wọlé ní Òṣogbo Oròkí, ìlú aró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ń ka lẹ́tà ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Mo ti dìde láti bá a wí, nítorí mo rò pé géèmù oníbọn tí àwọn ọmọ ìwòyí ń ta títí ilẹ̀ ó fi mọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí ìbọn, n kò sì rí ẹni tí ń lé ẹnìkan. Obìnrin kan ni mo rí tí ó kúnlẹ̀ nínú àgbàlá, tí ó ń lọ ọkà lórí ọlọ, tí ọmọdé sì ń sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Íjíbítì nìyẹn, láyé Kilẹopátírà. Búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ ṣe.”

Mo fa àpótí, mo jókòó tì í, nítorí mo mọ ohun tí ó ń dà á láàmú. Ìwé ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn sọ fún un pé àwọn ará Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, pé ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, pé Ògèdèngbé Agbógungbórò wà ní bùdó ní Ìmẹ̀sí-Ilé, pé a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àti pé bùdó kò tú tán títí di 1893. Gbogbo èyí ni ó mọ̀ sórí bí ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè pé kí ni obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì àdéhùn náà, ta ni ó pọn omi, kí ni ó fi tan iná, èló ni ó mú lọ sọ́jà, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Ìtàn tí a kọ́ ọ kún fún ọba àti ológun; kò sí ìyá tí ń ṣa ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀. Bí a kò bá sì rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: nígbà tí kò rí Iléṣà rìn, Íjíbítì ni ó ń rìn.

Eré tí ó wà níwájú rẹ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀kọ́. Ubisoft, ilé-iṣẹ́ àwọn Faransé kan, ni ó gbé eré àkọ́kọ́ jáde ní 2007 pẹ̀lú orúkọ Assassin's Creed, èyí tí ó gbé ènìyàn lọ sí Jerúsálẹ́mù àti Dàmásíkù ní 1191. Iṣẹ́ tí ó sì gbé lé eléré lọ́wọ́ ni kí ó máa yọ́ pa ènìyàn kiri. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe é ní ìlú Montreal ní Kánádà ti gba òpìtàn sẹ́nu iṣẹ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí ilé, aṣọ àti ọjà inú eré náà dà bí àlá lásán. Nígbà tí ó yá, àwọn olùkọ́ ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní kíláàsì, wọ́n sì ń ráhùn pé ìlú náà dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn níbẹ̀ kò ṣe é fi han ọmọ iléèwé. Maxime Durand, òpìtàn ilé-iṣẹ́ náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró ti ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá 2017 ni Assassin's Creed Origins jáde, eré ilẹ̀ Íjíbítì nígbà tí Kilẹopátírà ń du oyè. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 2018, wọ́n tún gbé ẹ̀dà mìíràn jáde tí wọ́n ń pè ní Discovery Tour. Wọ́n yọ ogun kúrò nínú rẹ̀, wọ́n yọ ìtàn ẹ̀san kúrò, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rìn gbẹ̀fẹ́.

Ọ̀nà 75 ni wọ́n là sínú rẹ̀, a sì pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìgbé-ayé ojoojúmọ́. Ìlà kan tí ń tàn bí wúrà ni a ń tẹ̀ lé nílẹ̀. Bí a bá dé ibùdó kan, ohùn kan a sọ ohun tí à ń wò, àwòrán àwọn ohun èlò tí àwọn awalẹ̀ hú jáde a sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà búrẹ́dì tí ọmọ náà ń tọ̀ kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a dúró ju ti píráḿídì lọ. Ó rí i pé ibi tí ọkà wà ni ọlọ wà, pé ibi tí ọlọ wà kò jìnnà sí ààrò, pé ààrò sì wà níta kí èéfín má ba à pa ará ilé. Ó rí i pé ọkà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n sì fi ń pọn ọtí, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ṣe ń di ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó sì ń di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ìwé fi ojú ewé mẹ́ta sọ tí kò yé e, ẹsẹ̀ bàtà ogún láàrin ọlọ àti ààrò ni ó fi yé e. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà gan-an ni eré yìí kò ní. Àwọn tí ó yẹ òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ wò rí i pé eyín wọn ti jẹ wọlẹ̀, nítorí iyanrìn àti ẹ̀rún òkúta ọlọ tí ó máa ń bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ iyanrìn mọ́ búrẹ́dì, tí eyín sì ń ro wọ́n. Búrẹ́dì inú kọ̀ǹpútà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ojú rí i, eyín kò mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ibì kan tún wà tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yí òótọ́ padà. Wọ́n fi ìkarawun bo ìhòòhò àwọn ère, kí ó lè wọ iléèwé láìsí wàhálà. Wọ́n sì fi ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sínú kíláàsì kan náà, bẹ́ẹ̀ ìtàn kò jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni iléèwé rí láyé ìgbà náà. Àwọn fúnra wọn jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú eré náà, pé àwọn kò fẹ́ ti ọmọbìnrin sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá dúró gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà á gbé irọ́ lọ sílé. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọ náà pé ní ibùdó kọ̀ọ̀kan kí ó bi ara rẹ̀ pé, “Èwo nínú èyí ni wọ́n hú jáde nílẹ̀, èwo ni wọ́n fi ọgbọ́n orí dí àlàfo rẹ̀?” Bí àwòrán ohun àtijọ́ kò bá yọ síbẹ̀, kí ó fura. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Montreal náà dán an wò lára àwọn ọmọ iléèwé: àwọn tí ó rin ọ̀nà inú eré ní ìmọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí olùkọ́ kọ́ lẹ́nu ní ìmọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí ti ilẹ̀ Gíríìkì jáde ní 2019, wọ́n fi ìbéèrè kún un lópin ọ̀nà; nígbà tí ti àwọn Fáíkìn sì dé ní 2021, wọn kò fi ènìyàn sílẹ̀ bí àlejò mọ́, wọ́n sọ ọ́ di oníṣòwò tàbí mọ́ńkì tí ó ní iṣẹ́ láti ṣe.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí kò lágara nínú ni. Nínú eré Íjíbítì tí ogun ṣì wà nínú rẹ̀, akọni rẹ̀ lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó dírákímà sára, kí ó wẹ odò Náílì já, kí ó gun ògiri, owó náà kò sì ní wúwo. Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ náà, tí mo gbé e padà sílé. Mo ní, “Jẹ́ kí a mú obìnrin alájàpá kan láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà láyé owó ẹyọ. Èló ni yóò mú dání?” Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ. Ẹyọ kékeré kan wọ̀n díẹ̀ ju gíráàmù kan lọ. Nígbà tí ọmọ náà ṣírò rẹ̀ tán, ó wò mí lójú: ọ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ àpò ìrẹsì, ti kìlógíráàmù 25. Ẹyọ ńlá tí àwọn òyìnbó kó dé láti Sáńsíbà ní àárín ọ̀rúndún náà tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ó tó ohun ńlá rà, orí ènìyàn kan kò lè rù ú. A ó wá aláàárù, aláàárù á jẹun lọ́nà, inú owó tí ó rù ni a ó sì ti san tirẹ̀.

Mo tún mú un lọ sọ́dọ̀ ìkòkò aró, nítorí ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo fúnra rẹ̀ dúró lórí ìkòkò aró: igi tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi ké jáde láti inú omi. Eré kọ̀ǹpútà lè ya ìkòkò yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ewé èlú ni a ó kọ́kọ́ gún, tí a ó ṣù ú, tí a ó sá a gbẹ. A ó sẹ́ omi eérú. A ó re èlú sínú rẹ̀, a ó sì dúró ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kan, aláró tí ó mọ iṣẹ́ á sì fi imú mọ̀ bóyá ó ti pé. A ó rẹ aṣọ, a ó sá a, a ó tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Kò sí imú nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀sẹ̀ kan kò sì gùn níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ra ààbọ̀ àpò ìrẹsì fún ìyá rẹ̀ ní ọjà. Kò pe ọ̀kadà. Ó ká òṣùká, ó gbé e lérí, ó sì kọrí sílé, ìrìn tí kò tó kìlómítà méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Iléṣà tó nǹkan bí ọgbọ̀n. Ìgbà mẹ́rin ni ó sọ ọ́ kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú bírò, ó ń kọ̀wé nípa obìnrin alájàpá náà, ọrùn rẹ̀ sì lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yọjú wo ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀: ibi tí obìnrin náà yóò ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ ni.