Láti Àpèjúwe dé Ìdájọ́: Ètò Ìbéèrè lórí Ère Ìbejì nínú Kíláàsì Ìmọrírì Iṣẹ́ Ọnà

Ìfáàrà

Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1967, Edmund Burke Feldman, tí ó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, la ìgbésẹ̀ mẹ́rin kalẹ̀ fún lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà: àpèjúwe, ìtúpalẹ̀, ìtumọ̀ àti ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ṣì ń to ìbéèrè wọn tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ṣùgbọ́n a máa ń lò ó nígbà mìíràn bí ẹni pé orí mẹ́rin tí kò bára tan ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn kọ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ẹ̀rí. Inú àpèjúwe ni ìtumọ̀ ti gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tirẹ̀, inú ìtumọ̀ sì ni ìdájọ́ ti gbọ́dọ̀ mú ìdí tirẹ̀.

Ère ìbejì ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti wò ó láìtíì mọ ohun tí òun yóò sọ. Bí ó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ ló wá sí i lọ́kàn, ọmọ ni yóò sì rí. Yàtọ̀ sí èyí, ìdájọ́ lórí ère ìbejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá wo ojú ère tí ó ti parẹ́, tí ó sì sọ pé ère náà ti bàjẹ́, lè má mọ̀ pé ìtọ́jú tí ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ tí ó kú ni òun ń pè ní ìbàjẹ́.

Ìbéèrè Àpèjúwe

Kí a mú ère kan tí ó ní àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ lára ère ìbejì. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gíga rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 26. Ó dúró lórí ìdí róbótó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ itan. Irun rẹ̀ ga, wọ́n sì fi aró kùn ún. Ó ní ọmú, ó ní ilà lójú, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Ojú àti imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán.

Ìbéèrè àpèjúwe àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka tọ́ka sí ìdáhùn rẹ̀: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Níbo ni àwọ̀ ti yí padà? Níbo ni ara rẹ̀ ti ń dán, níbo ni kò ti dán? Àwọn ohun wo ni wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn, àwọn wo ni wọ́n fi sí i lára lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán? Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá dáhùn lọ́nà tí ó yàtọ̀, kí wọ́n sún mọ́ ère náà, kí wọ́n tún un wò. Bí wíwò kò bá lè parí àríyànjiyàn náà, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti àpèjúwe.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ fi ìtumọ̀ pamọ́ sínú ìbéèrè àpèjúwe. Bí ó bá béèrè pé, ‘Kí ni ọmọ yìí wọ̀?’, ó ti sọ fún kíláàsì pé ọmọ ni ohun tí wọ́n ń wò. Wọn yóò dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀, wọn yóò sì fo ọmú dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, ‘Kí ni ó wà lára ère yìí tí ó lè fi ọjọ́ orí hàn?’, wọn yóò rí i pé ara àgbàlagbà ni wọ́n gbẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí olùkọ́ má tètè dárúkọ ère náà. Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ fọ́tò máa ń fi hàn, ẹ̀yìn sì ni ẹ̀rí tí a ó nílò láìpẹ́ wà.

Ìbéèrè Ìtúpalẹ̀

Ní ìpele yìí, ohun tí à ń béèrè ni bí apá kan ṣe bá apá kejì tan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wọn orí ère náà láti àgbọ̀n dé ṣóńṣó irun. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 nínú 26, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀. Orí àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bí ìdá méje tàbí mẹ́jọ gíga rẹ̀, ti ọmọ tuntun sì tó ìdá mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sáré sọ pé orí ńlá yìí ni ó fi hàn pé ọmọ ni. Olùkọ́ yóò wá béèrè bóyá orí ère àgbà, bí ère ẹlẹ́ṣin tàbí ti olórìṣà, kéré ju èyí lọ. Bí wọ́n bá fi wéra, wọn yóò rí i pé orí ńlá wọ́pọ̀ nínú ère Yorùbá, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Nítorí náà, ìwọ̀n orí nìkan kò lè sọ ọjọ́ orí ẹni tí ère náà dúró fún.

Ìbéèrè kejì ni ti ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn. Ojú ti tẹ́, ó sì ń dán. Ní ẹ̀yìn orí, ìlà irun ṣì mú, wọ́n sì tò dọ́gba. Lábẹ́ apá àti láàárín ẹsẹ̀, osùn dì mọ́ igi. Kò tíì sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ni láti rí i pé dídán náà ní ètò: ibi tí ọwọ́ lè tètè kàn ni ó dán, ibi tí ọwọ́ kì í dé ni kò dán.

Ìbéèrè Ìtumọ̀

Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni: Kí ni ó pa ojú ère náà rẹ́? Kí olùkọ́ má ṣe gba ìdáhùn kan péré. Ó yẹ kí kíláàsì gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀, kí wọ́n sì fi àpèjúwe dán wọn wò. Àbá kìíní ni pé agbẹ́gilére kò mọ ojú gbẹ́. Ìlà irun tí ó tò dọ́gba ní ẹ̀yìn kò jẹ́ kí èyí dúró, nítorí pé ọwọ́ tí ó gbẹ́ irun bẹ́ẹ̀ lè gbẹ́ ojú. Àbá kejì ni pé òjò tàbí ikán ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ihò àti sísán ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lára igi, wọn kì í mú un dán. Àbá kẹta ni pé ọwọ́ ènìyàn ló fi pípa pa á rẹ́. Èyí nìkan ni ó bá dídán ojú, mímú irun àti osùn abẹ́ apá mu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yìí ni ó tó àkókò kí olùkọ́ mú ìmọ̀ láti ìta wá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, òbí lè lọ bèèrè lọ́wọ́ Ifá, kí wọ́n sì ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, a sì máa wọ̀ ọ́ láṣọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún èyí tí ó wà láàyè. Bí olùkọ́ bá ti sọ ìtàn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìbá kàn gbà á gbọ́ ni. Nísinsìnyí, ìtàn náà ń dáhùn ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn ti rí.

Ìtumọ̀ yìí ní ààlà. Àwọn kan ti ń fi ọwọ́ pa ère tuntun kí ó lè dà bí ògbólógbòó lójú oníbàárà. Ohun tí ó lè mú kí a fura ni dídán tí kò ní ètò: bí iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́ apá bá dán bákan náà, ó ṣòro láti sọ pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìdí tí ara ère fi jẹ́ ti àgbàlagbà kò ṣe é rí lára ère náà. Ìmọ̀ nípa èrò àwọn tí ó ni ère nìkan ló lè là á yé ni.

Ìbéèrè Ìdájọ́

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pín ìdájọ́ sọ́nà. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘Ó wù mí’, ara rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘Ó dára’ ń sọ̀rọ̀ ère, ó sì jẹ gbèsè ìdí. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘Ó yẹ’ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó yẹ fún. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ‘Ṣé ó wù ọ́?’, olùkọ́ kò lè máa retí ìdájọ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni: Ó dára nípa òṣùwọ̀n wo, òṣùwọ̀n ta sì ni?

Iṣẹ́ Robert Farris Thompson wúlò níhìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń mọ ère tí ó dára, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Lára òṣùwọ̀n tí ó kọ sílẹ̀ ni jíjọra tí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, ìfarahàn, dídán, gígún, àti kí ère fi ọ̀dọ́ hàn. Òṣùwọ̀n ọ̀dọ́ yìí lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ara àgbàlagbà tí ó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: ìgbà tí ara gbó dáadáa ni wọ́n gbẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ tí ó kú.

Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n wọ̀nyí wo ère wa, méjì yóò forí gbárí. Nípa ìfarahàn, ojú tí ó parẹ́ ti pàdánù ohun tí agbẹ́gilére fi sí i. Nípa dídán, ó ti jèrè ju bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ pé: ‘Ère yìí kò dára mọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ kò hàn.’ Òmíràn lè kọ pé: ‘Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ agbẹ́gilére, ère yìí ti dín kù, nítorí pé ojú àti imú kò hàn mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irun fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ohun ìtọ́jú, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pípa tí ojú parẹ́ sì ni ẹ̀rí.’ Ìdáhùn kejì ni ó yẹ kí ó gba máàkì jù. Kì í ṣe nítorí pé ó yin ère náà. Ó dárúkọ òṣùwọ̀n, ó sì mú ẹ̀rí láti inú àpèjúwe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ̀ láti yìn ín, ṣùgbọ́n tí ó ṣe ohun méjèèjì yìí, yẹ kí ó gba iye kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ètò ìbéèrè ṣiṣẹ́. Kí olùkọ́ mú gbólóhùn ìdájọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó máa bi í pé ‘Kí ni o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?’ títí ìdáhùn yóò fi di ibi kan tí ìka lè tọ́ka sí lára ère. Bí wọ́n kò bá dé ibẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ni wọ́n fò. Ìbéèrè kan sì wà tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ó ń yẹ ìdájọ́ fúnra rẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa fi máàkì dá ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí ó kú lẹ́jọ́? Nínú kíláàsì Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí Táíwò tàbí Kẹ́hìndé tí kò ní èkejì mọ́ wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe fipá mú ẹnikẹ́ni láti dáhùn rẹ̀ sókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára ère náà.