Ẹ Jẹ́ Kó Fọ̀ Ọ́ Kí Ẹ Tó Ní Kó Jẹ́rìí

 

Ìtìjú ló ń bá ọ̀pọ̀ wa jà nínú ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí. Oníbàárà á ra ọjà, á gbádùn ẹ̀, á padà wá yìn wá. Àwa á kàn máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín," ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Ẹnu wa kò ní gbà á láti sọ pé kó bá wa sọ fún ẹlòmíràn, a máa ń rò pé ó ti dà bí ẹni ń ṣagbe. Ẹ jẹ́ ká fi aláàdìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ, ohun kan ló ń bà á lẹ́rù: ṣé kò ní ṣí? Ṣé kò ní ba aṣọ funfun jẹ́ nínú bàsíà? Bí àwa bá búra títí ilẹ̀ fi ṣú, àwa la ni ọjà, ta ni yóò gbà wá gbọ́? Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti fọ aṣọ náà bá sọ̀rọ̀, ó tán. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká ní kó jẹ́rìí lọ́jọ́ tó sanwó. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè sọ ju pé aṣọ wa rẹwà lọ, èyí kò sì lé ẹ̀rù ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ẹ bá ń tà á, ẹ sọ fún un pé kó fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, nítorí aró tó kù lójú aṣọ á jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un láyè.

Ẹ ká ní oníbàárà kan ra aṣọ 20, yáàdì 5 lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pè é lórí fóònù: "Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó o. Aṣọ yẹn ńkọ́? Ẹ ti fọ̀ ọ́? Kí lẹ rí?" Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ. Bó bá ní aró ṣì ń jáde gan-an títí di ìfọ̀ ìkẹta, ẹ má bèèrè ẹ̀rí kankan, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ ná. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Ha, ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, omi mọ́ gaara, àbúrò mi ló sì ń sọ pé á ṣí," ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wọlé: "Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n máa sọ ọ̀rọ̀ yín yìí fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà? Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n dárúkọ yín, mi ò ní dá a." Ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣàìgbà.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, tàbí kí ẹ ní kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ẹ má fi iyọ̀ kún un o! Bó bá ní omi ìkẹta mọ́, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di "kò ṣí rárá", ẹni tó bá rí omi àkọ́kọ́ á pè yín ní òpùrọ́, á sì bá ẹni tó jẹ́rìí wí. Fọ́tò ìnáwó náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e jáde.

Ọ̀rọ̀ pé kó júwe wa, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má sọ pé, "Ẹ bá mi wá oníbàárà o." Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ jù, á dáhùn pé òun ti gbọ́, á sì gbàgbé. Ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: "Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ló ní ìnáwó tó ń bọ̀?" Bó bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ má tíì gba nọ́ńbà. Ẹ ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn ná, n ó fi gígé aṣọ kékeré ránṣẹ́ kí wọ́n wò ó." Bó bá ní òun á wò ó, ẹ kí i, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kí a bèèrè lẹ́ẹ̀kan kì í ni èèyàn lára, àbéètúnbèèrè ló ń lé èèyàn sá.

Àwọn kan nínú wa ní ká ṣèlérí owó fún ẹni tó bá júwe wa. Àwa kò fara mọ́ ọn. Bí ẹni tuntun bá gbọ́, á ní wọ́n ti fi owó náà lé iye aṣọ òun. Iye kan náà tí ẹ tà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè fún un, torí wọ́n á bi ara wọn. Lẹ́yìn tó bá ti rajà, ẹ pe ẹni tó júwe yín: "Àǹtí mi, ẹni yín wá o, aṣọ 12 ló mú." Bí ẹ bá fẹ́ fi gèlè kan ta á lọ́rẹ, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fún un.