Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwé tó ṣìnà sílùú Ọ̀yọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ra ìwé kẹ́mísírì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ₦12,500 owó ìwé, ₦2,500 owó ìfiránṣẹ́. Ó retí títí. Ohun tó padà rí lójú fóònù ni “Returned to sender”.

Òǹtajà ní wọ́n pè é, kò gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kí wọ́n fi ibi tí ẹrù náà dé han òun. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé e lọ! Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ sórí fọ́ọ̀mù, àmọ́ ẹni tó kọ àdírẹ́sì sára páálí mú orúkọ ìpínlẹ̀, ó fo orúkọ ìlú.

Wọ́n ní kó tún san owó ìfiránṣẹ́. Ó kọ̀. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́: nọ́ńbà ọjà, ọjọ́ tó sanwó, àwòrán àdírẹ́sì tó kọ, àti ti ibi tí ẹrù dé. ₦15,000 ló béèrè, torí iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ tó sanwó fún kò di ṣíṣe. Ó fún wọn lọ́jọ́ méje. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018.

Wọ́n ní kó fi owó náà ra ọjà mìíràn lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní ìdánwò ti wọlé, owó lòun ń fẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà, álẹ́ẹ̀tì báǹkì dún: ₦15,000 géérégé.