Róbọ́ọ̀tì Tó ń Tọ Ìlà: Láti Ojú Rẹ̀ Dé Inú Kóòdù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí róbọ́ọ̀tì tó ń tọ ìlà dúdú lórí pákó funfun yóò rò pé ó ń wo ìlà náà ni. Kò wo nǹkan kan. Nísàlẹ̀ imú rẹ̀, iná kéékèèké márùn-ún ló ń tàn sílẹ̀, ohun márùn-ún mìíràn sì ń gba èyí tó bá ta padà. Gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ kò ju iye ìmọ́lẹ̀ tó padà wá lọ. Inú nọ́ńbà márùn-ún yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdíje ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ yọ nọ́ńbà kan ṣoṣo: báwo ni ìlà náà ṣe jìnnà sí àárín róbọ́ọ̀tì tó, apá ibo ló sì wà? Ẹgbẹ́ tó bá rí nọ́ńbà yẹn gbà láìsí irọ́ nínú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà kọjá ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù Arduino Uno. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké méjì, tí ilé wọn sábà máa ń jẹ́ ike aláwọ̀ yẹ́lò, ló ń yí táyà méjì lẹ́yìn, táyà wẹ́wẹ́ kan sì wà níwájú tó kàn ń bá wọn yí kiri. Nítorí pé iná tó ń jáde lẹ́sẹ̀ Arduino kò lágbára tó láti yí ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀dù L298N ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fa iná láti inú bátìrì, tó sì ń pín in fún ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Kò sí ìdarí bíi ti mọ́tò. Bí táyà òsì bá yára ju tọ̀tún lọ, ó ń yà sọ́tùn-ún nìyẹn.

Ojú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní TCRT5000. Orí méjì ló ní: ọ̀kan fẹ́ẹ́ fara jọ búlúù, òun ló ń tan ìmọ́lẹ̀, ìkejì dúdú, òun ló ń gbà á. Ojú ènìyàn kò rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù máa ń rí i. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá dákẹ́, ẹ kọ kámẹ́rà fóònù sí i. Bí ẹ kò bá rí àmì iná tó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wáyà ló já tàbí pé wọ́n so ó sódì. Ilẹ̀ funfun máa ń ta ìmọ́lẹ̀ náà padà, téèpù dúdú máa ń gbé e mì. Arduino ń ka ohun tó wọlé láti 0 dé 1023, bí wọ́n sì ṣe sábà máa ń so ó, funfun ló ń fún wa ní nọ́ńbà kékeré, bíi 80, dúdú ló ń fún wa ní ńlá, bíi 850.

Ibi tí ojú ènìyàn ti ń tan ẹgbẹ́ tuntun jẹ nìyí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú lójú wa ló dúdú lójú sẹ́ńsọ̀. Yíǹkì àwọn máàkà kan àti ti àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ aláìfojúrí yìí kọjá lára wọn, kó kan bébà funfun nísàlẹ̀, kó sì padà wá bí ẹni pé kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi máàkà ya ọ̀nà tó dán, tó dúdú kirikiri, róbọ́ọ̀tì á sì gba orí rẹ̀ kọjá láìbìkítà. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ṣe ọ̀nà ìdánrawò, kí wọ́n sì ka nọ́ńbà dúdú àti funfun sójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kọ kóòdù kankan.

Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe jìnnà sílẹ̀ tó náà ní agbára tiwọn. Nǹkan bíi mìlímítà 2.5 ni TCRT5000 ti ń ríran jù. Bí wọ́n bá gbé e sókè dé sẹ̀ǹtímítà kan, ìmọ́lẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kan á máa wọ ojú èkejì, ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun á sì dín kù gan-an. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù, etí pákó tí wọ́n so pọ̀ á máa gbá a.

Lẹ́yìn èyí ni oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kún fún irú ìmọ́lẹ̀ aláìfojúrí tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń wá, èyí ló fà á tí róbọ́ọ̀tì tó ṣe dáadáa nínú kíláàsì fi ń ṣìnà nínú gbọ̀ngàn tó ní fèrèsé ńlá. Àmì rẹ̀ hàn: nọ́ńbà dúdú á já wálẹ̀ láti 850 sí 400 tàbí kó tún kéré sí i, nítorí pé oòrùn ń tan sínú sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí téèpù kò ta nǹkan kan padà. Páálí dúdú tí wọ́n fi ṣe ìbòrí yí sẹ́ńsọ̀ ká máa ń gba ìyà púpọ̀ kúrò. Ìyókù di ọwọ́ ìwọ̀n tí wọ́n bá mú níbi ìdíje gan-an: wọ́n á gbé róbọ́ọ̀tì kọjá lórí ìlà lọ-bọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kóòdù á sì fi nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù pamọ́ fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kóòdù tí púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ máa ń kọ jẹ́ ti bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́: bí sẹ́ńsọ̀ òsì bá rí dúdú, yà sósì, bí tọ̀tún bá rí i, yà sọ́tùn-ún. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì tijú láti gbọ̀n. Róbọ́ọ̀tì tí kò mọ̀ ju “ìlà wà” àti “ìlà kò sí” lọ á máa fi agbára kan náà yà, yálà ìlà sún mọ́ ọn tàbí ó ti fẹ́ bọ́. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni ìwọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ márùn-ún, tí àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan wà láàárín wọn, lè fún un ní ìwọ̀n náà bí a bá fi ipò fún wọn láti òsì sí ọ̀tún: 0, 1000, 2000, 3000, 4000. Àárín ni 2000.

```
long apapo = 0, iye = 0;
for (int i = 0; i < 5; i++) {
  long v = map(analogRead(A0 + i), funfun[i], dudu[i], 0, 1000);
  v = constrain(v, 0, 1000);
  apapo += v * i * 1000;
  iye += v;
}
int iyapa = apapo / iye - 2000;
```

Ká sọ pé sẹ́ńsọ̀ àárín ka 600, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ka 1000, àwọn mẹ́ta yòókù sì ka 0. A ó sọ 600 di ìlọ́po 2000, 1000 di ìlọ́po 3000, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì fi 1600 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2625. Bí a bá yọ 2000 kúrò, ó ku 625: ìlà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà sí àárín. Nọ́ńbà tí a ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ti jáde. Ìyapa ni a ó máa pè é.

Ó ku kí a sọ ìyapa di ìyàsọ́nà. A ó fi nọ́ńbà kékeré kan sọ ọ́ di púpọ̀, bíi 0.08, ó sì di 50. Bí eré àwọn táyà bá wà ní 150 nínú 255, òsì á lọ sí 200, ọ̀tún á rọ̀ wá sí 100, róbọ́ọ̀tì á sì yà sọ́tùn-ún wọ́ọ́rọ́. Bí ìyapa bá kéré, ìyà náà á kéré. Bí wọ́n bá fi kún 0.08, ó ń yára padà sórí ìlà, ṣùgbọ́n ó ń sáré kọjá àárín bọ́ sí òdìkejì. Ìgbọ̀n tún padà dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà ju róbọ́ọ̀tì lọ. Ní ọdún 1922, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà, Nicolas Minorsky, tó ń bá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, kọ nípa bí a ṣe lè mú ọkọ̀ ojú omi darí ara rẹ̀. Ó ti kíyè sí i pé atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wo bí ọkọ̀ ṣe yapa tó nìkan. Ó tún ń wo bí ìyapa náà ṣe ń yí padà. Bí imú ọkọ̀ bá ti ń padà bọ̀ kánkán, á ti dẹ ọwọ́ kó tó débẹ̀. Ohun tí kóòdù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe náà nìyẹn:

```
float atunse = KP * iyapa + KD * (iyapa - iyapaTele);
iyapaTele = iyapa;
int osi  = constrain(150 + atunse, 0, 255);
int otun = constrain(150 - atunse, 0, 255);
```

Ká ní ìyapa jẹ́ 655 nígbà tó kà á tẹ́lẹ̀, tó sì ti di 625 báyìí. Ó ti fi 30 sún mọ́lé. Bí `KD` bá jẹ́ 0.8, èyí á yọ 24 kúrò nínú 50, á ku 26. Òsì di 176, ọ̀tún di 124: róbọ́ọ̀tì ti ń dẹ ọwọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi `KD` sí òdo ná, wọ́n á máa gbé `KP` sókè títí á fi gbọ̀n díẹ̀, kí wọ́n tó wá máa fi `KD` kún un díẹ̀díẹ̀ títí ìgbọ̀n náà á fi rọlẹ̀. Bí `KD` bá pọ̀ jù, wọ́n á gbọ́ ọ: ẹ́ńjìnnì á máa han gooro, á máa ta kúkúkú, nítorí pé gbogbo ìyípadà wẹ́wẹ́ tó kan sẹ́ńsọ̀ ló ń dáhùn sí.

Ohun méjì ló sábà ń ba ìtúnṣe yìí jẹ́ lọ́jọ́ ìdíje. Àkọ́kọ́ ni `Serial.print` tí wọ́n gbàgbé sínú kóòdù. Bí ó bá ń kọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà ní 9600, lẹ́tà kan ń gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ogún lẹ́tà nígbà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí pé róbọ́ọ̀tì tó ń sá ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti rin sẹ̀ǹtímítà kan láìka ilẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárọ̀ ìdíje: kóòdù á wá máa yí lọ-bọ̀ kánkán, ìyàtọ̀ láàárín ìyapa méjì á kéré, `KD` tí wọ́n ti fara balẹ̀ wá kò sì ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n tètè yọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtúnṣe ló dára.

Èkejì ni bátìrì. Bátìrì 18650 méjì tó kún ń fúnni ní fóòtì 8.4, L298N á sì jẹ nǹkan bíi fóòtì méjì nínú rẹ̀, kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn wákàtí ìdánrawò, àpapọ̀ wọn lè ti já sí 7. Ẹgbẹ́ tó bá tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe lórí bátìrì tó ti rẹ̀, tó wá cháàjì rẹ̀ kún fún ìdíje, ti gbé róbọ́ọ̀tì mìíràn wá síbẹ̀. Orí bátìrì tó kún ló yẹ kí wọ́n ti ṣe ìtúnṣe náà.

Ìkóríta kò nílò ọgbọ́n púpọ̀ bí ọ̀nà bá lọ tààrà: sẹ́ńsọ̀ márààrún á rí dúdú, ìṣirò á fún wa ní 2000, róbọ́ọ̀tì á sì kọjá. Igun tó ká gan-an ló le. Róbọ́ọ̀tì á sáré jáde, gbogbo sẹ́ńsọ̀ á rí funfun, `iye` á di òdo, ohun tí a bá sì fi òdo pín kò ní ìtumọ̀. Nítorí náà kí wọ́n tó pín, wọ́n máa ń wò ó bóyá `iye` kéré sí 200. Bí ó bá kéré, róbọ́ọ̀tì á yà pátápátá sí ìhà tí `iyapaTele` ń tọ́ka sí, nítorí pé ibẹ̀ ló ti rí ìlà kẹ́yìn.

Àmọ́ ìdíje mìíràn, bí irú ti RoboCupJunior, máa ń já ìlà sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà tó tọ́. Níbẹ̀, àmì tí `iyapaTele` ní lè jẹ́ ìgbọ̀n kékeré lásán, róbọ́ọ̀tì á sì yí po lórí ilẹ̀ funfun. Àwọn tó ti pàdé rẹ̀ rí máa ń pín in sí méjì: bí ìyapa ìkẹyìn bá ju 400 lọ, kó yà, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó máa lọ tààrà fún ìgbà díẹ̀ ná. Ìwé òfin ìdíje ló ń sọ bí ìgbà náà ṣe gùn tó. Bí àlàfo kò bá ní ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, róbọ́ọ̀tì tó ń sá ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kọjá rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n á fi díẹ̀ kún un, bí ó bá sì pé tí kò rí ìlà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a sọ́tùn-ún àti sósì.