Oṣù Ọ̀fẹ́ fún Olóúnjẹ

Ẹni tó ń ta aṣọ lè gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lónìí, kó sì pàtẹ lọ́la. Olóúnjẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó gbé ìkòkò kaná, ó ní láti lẹ táìlì, kó la ọ̀nà èéfín, kó fa omi wọlé, kó wá ibi tí sílíńdà gáàsì máa dúró sí níta, kó sì ṣe kòtò kékeré tí yóò máa gba ọ̀rá kí omi ìdọ̀tí tó dé sọ́kàwéè. Onílé tí kò bá bèèrè kòtò yìí máa rí ohun tí ọ̀rá tó dì ń fi ojú sọ́kàwéè rí.

Iṣẹ́ náà lè gba oṣù méjì, kọ́bọ̀ ò sì ní wọlé. Ìdí nìyẹn tí olóúnjẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún oṣù ọ̀fẹ́. Ká sọ pé owó ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó jẹ́ 2,400,000 náírà lọ́dún, ìyẹn 200,000 lóṣù. Bí ẹ bá bu owó náà wálẹ̀ sí mílíọ̀nù méjì, orí iye yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní oṣù méjì, 2,400,000 ṣì ni ìwé àdéhùn ń sọ. Lójú tèmi, oṣù ọ̀fẹ́ sàn fún onílé ju ẹ̀dínwó lọ.

Ọ̀nà méjì la lè gbà ṣe é. Ẹ lè gba owó rẹ̀ pé ní oṣù kìíní, kí ọdún rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ sì lè gba mílíọ̀nù méjì, kí ọdún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èkejì máa tu olóúnjẹ lára, torí 400,000 yẹn lè ra fìríìsà, àmọ́ owó ọdún kejì máa tètè dé bá a.

Ìjà sábà máa ń wà níbi ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀. Bí òrùlé bá ṣì ń jò, tàbí gbèsè iná ẹni tó kó jáde wà lórí mítà, oṣù ọ̀fẹ́ á kàn ṣòfò. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ tí onílé parí iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́, ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé bí oṣù méjì bá ti pé, owó ilé ti ń ká, ì báà jẹ́ pé táìlì ò tíì gbẹ.

Ó ku pátákó orúkọ. Ẹ júwe ibi tí yóò wà lára ògiri àti bó ṣe máa fẹ̀ tó, kí onílé má baà wá fi ojú ilé náà háyà fún ẹlòmíì tó máa bò ó. Gbígbà tí onílé gbà kò tó o: l'Ékòó, LASAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pátákó, ló ń fúnni láṣẹ, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa san án sínú ìwé, àti ẹni tó máa dí ihò ara ògiri lọ́jọ́ tí olóúnjẹ bá ń kó lọ, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.